Ìdí Tí Ṣòkòtò Wúlù Fi Ń Dán Lẹ́yìn Ìlọṣọ, àti Ooru Tó Yẹ Aṣọ Kọ̀ọ̀kan

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Bàbá mi ní kóòtù àti ṣòkòtò wúlù kan tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo sì máa ń lọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n kọ wúlù sí gan-an ni mo máa ń yí áyọ́ọ̀nù sí, síbẹ̀ ṣòkòtò náà ti ń dán lórí àpò àti lójú ìránṣọ. Ṣé ooru náà ló pọ̀ jù? Ooru wo ló yẹ wúlù, sẹ́dà, ọ̀gbọ̀ àti pọlisítà? Ṣé dídán yẹn sì ṣe é mú kúrò?” Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ mi, ooru kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ àkọ́kọ́ níhìn-ín. Bí o bá dín ooru áyọ́ọ̀nù náà kù tí o sì ń bá a lọ bí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣòkòtò bàbá rẹ yóò ṣì máa dán, àfi pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó hàn. Irun àgùntàn ni wúlù, irun náà sì lọ́ mọ́ ara rẹ̀, kò tẹ́jú. Nígbà tí aṣọ náà ṣì tuntun, àwọn fọ́nrán kéékèèké dìde lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì bà lé wọn ń fọ́n ká, ìdí nìyẹn tí ojú wúlù tó dára fi máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ tí kì í kọ mànà. Bí a bá wá gbé irin gbígbóná lé e ní tààrà láìfi aṣọ kankan sí àárín, tí a sì ń fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ àǹkárá, àwọn fọ́nrán náà yóò dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú aṣọ yóò tẹ́jú bí ojú dígí, yóò sì máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Dídán tí o ń rí nìyẹn. Orí àpò àti ojú ìránṣọ ló ti kọ́kọ́ hàn nítorí pé aṣọ ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀, ibẹ̀ ga ju ìyókù lọ, òun nìkan ló sì ń ru gbogbo ìwúwo áyọ́ọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí àti orúnkún nìkan ló ń dán, èmi ì bá sọ pé ìjókòó ló fà á, kì í ṣe ìlọṣọ. Ṣùgbọ́n bí àwòrán àpò inú bá ti hàn síta bí ẹni fi ẹfun yí i ká, ọwọ́ alọṣọ ni.

Mo ti ń fi ìlọṣọ jẹun ní agbègbè Tákíè fún ọdún 26, mo sì ti rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú orúkọ wúlù kì í ṣe wúlù pátápátá. Wúlù àti pọlisítà tí wọ́n hun pọ̀ ló wọ́pọ̀, nígbà mìíràn pọlisítà ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ọ, nítorí pé òun ni yóò sọ bóyá dídán náà ṣe é mú kúrò. Kọ́kọ́ wo inú kóòtù tàbí inú bẹ́líìtì ṣòkòtò náà bóyá wọ́n rán bébà kékeré tó dárúkọ aṣọ mọ́ ọn. Bí kò bá sí, yí ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà padà, fa fọ́nrán kan tó gùn tó ìka yọ láti ibi tí wọ́n gé e sí nínú, fi ẹ̀mú mú un lórí àwo irin, kí o sì ṣáná sí i. Wúlù kò ní fẹ́ jó dáadáa. Yóò ká kò, yóò rùn bí irun orí tó ń jóná, eérú rẹ̀ yóò sì lọ̀ kúnná láàárín ìka. Sẹ́dà náà ń rùn bẹ́ẹ̀, nítorí inú ara ẹ̀dá ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọ̀gbọ̀ àti òwú ń jó kíá bí ìwé, òórùn bébà ni wọ́n ń rùn, eérú wọn sì fúyẹ́. Pọlisítà ń yọ́ kí ó tó jó, èéfín dúdú ń jáde lára rẹ̀, ohun tó sì ń kù ni kókó dúdú líle tí ìka kò lè fọ́. Bí o bá gbọ́ òórùn irun tí o sì tún bá kókó líle nínú eérú, àdàlú ni aṣọ rẹ. Jọ̀wọ́, dúró kí kókó náà tutù kí o tó fọwọ́ kàn án, nítorí ọ̀rá gbígbóná náà ń lẹ̀ mọ́ ara.

Ní ti ooru fúnra rẹ̀, àmì róbótó kéékèèké tó wà lára áyọ́ọ̀nù àti lára bébà inú aṣọ ni kí o máa tẹ̀ lé, kì í ṣe orúkọ aṣọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan. Àmì kan túmọ̀ sí pé ojú irin kò gbọdọ̀ gbóná ju dígírì 110 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Àmì méjì jẹ́ 150. Àmì mẹ́ta jẹ́ 200. Náílọ́ọ̀nù àti akirílíìkì wà lábẹ́ àmì kan, wúlù, sẹ́dà àti pọlisítà lábẹ́ méjì, òwú àti ọ̀gbọ̀ lábẹ́ mẹ́ta. Ìwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a gbọ́dọ̀ dé. Sẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò nílò 150 rárá, èmi kì í sì í jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan áyọ́ọ̀nù, ooru rẹ̀ máa ń ta kọjá ibi tí a yí i sí kí iná rẹ̀ tó kú, nítorí pé irin tó ń pa iná náà ní láti gbóná kí ó tó tẹ̀, ojú irin nísàlẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ gbóná. Nítorí náà, má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ nígbà tí iná kékeré ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ kú. Jẹ́ kí ó tún tàn, kí ó sì tún kú lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà náà ni ooru rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ibi tí o fẹ́. Bí ó bá ti di àṣà rẹ láti bẹ̀rẹ̀ ní kíákíá kí iná ìjọba má baà lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ṣòkòtò bàbá rẹ ló ń jẹ ooru àkọ́kọ́ yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Bí iná bá sì lọ, tí o fa áyọ́ọ̀nù eléèédú yọ, kò sí àmì kankan lára ìyẹn, ojú àti etí rẹ ni yóò wọn ooru rẹ̀. Ta omi ẹ̀kán kan sí ojú irin náà. Bí omi náà bá jókòó síbẹ̀ tí ó ń hó díẹ̀díẹ̀ kí ó tó gbẹ, ooru náà kò tíì ju ohun tí aṣọ aláàmì kan lè gbà lọ púpọ̀. Bí ó bá pariwo ṣàà tí ó sì gbẹ lójú kan náà, ó ti tó fún wúlù tí a fi aṣọ tútù bò. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ó ń sáré kiri lójú irin tí kò tètè gbẹ, ooru náà ti tó 200 tàbí ó ti jù ú lọ; ti ọ̀gbọ̀ ni, má gbé e sún mọ́ pọlisítà. Àfojúbù ni èyí o, kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí náà mo máa ń fi àkísà òwú funfun dán an wò lẹ́yìn omi. Mo ń gbé áyọ́ọ̀nù lé àkísà náà, mo sì ń kà láti 1 dé 10. Bí àkísà náà bá pọ́n díẹ̀, kò sí aṣọ kankan tí ooru yẹn yẹ, títí kan ọ̀gbọ̀ pàápàá. Ojú irin eléèédú kì í sì í gbóná dọ́gba, ibi tí ẹyin iná kó jọ sí ń gbóná jù, nítorí náà a ní láti máa mì í jẹ́jẹ́ níta ilé kí ẹyin iná tẹ́jú, kí a sì nu eérú kúrò ní etí rẹ̀ kí a tó wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: omi ló ń mú wúlù tẹ́, ooru kàn ń gbé omi náà wọ inú rẹ̀ ni. Wúlù lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Bí omi gbígbóná bá wọ inú fọ́nrán rẹ̀, ohun tó so ó pọ̀ nínú á tú, yóò gba ìrísí tuntun, bí ó bá sì tutù tí ó gbẹ nínú ìrísí náà, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ìdí nìyẹn tí lílọ wúlù ní gbígbẹ kì í fi í ṣe é dáadáa. Irun inú rẹ̀ ń lágídí, àwa náà á wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan títí yóò fi dán. Omi náà tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ó sàn ju bọ́tìnnì ara áyọ́ọ̀nù lọ. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ tí a tẹ́ sí àárín bá ṣì tutù, ooru tó ń dé ara wúlù kò lè fi púpọ̀ kọjá 100, nítorí pé gbogbo ooru tó kù ni omi ń gbé lọ bí ó ti ń di èéfín. Ìgbà tí aṣọ àárín náà bá gbẹ tán ni ewu bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe dúró kí ó gbẹ wọ̀ọ̀.

Bí mo ṣe máa lọ ṣòkòtò náà nìyí bí ó bá wà níwájú mi. Màá kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun gbá a dáadáa, nítorí pé eruku tí a bá fi ooru tẹ̀ mọ́ aṣọ ń di ìdọ̀tí tí kì í tètè kúrò. Màá wá aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ títí tí sítáàṣì kò fi sí nínú rẹ̀ mọ́, tí kò sì ní àwọ̀ tó lè ràn, màá rì í sínú omi, màá sì fún un títí tí kò fi kán mọ́. Màá yí inú ṣòkòtò náà síta, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpò àti bẹ́líìtì. Lábẹ́ etí aṣọ tó wà lẹ́yìn ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan, màá ki bébà líle kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, kí etí náà má baà tẹ ara rẹ̀ mọ́ òde ṣòkòtò. Àpò inú náà, màá gbé e sókè, màá lọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá yí òde síta, màá to ojú ìránṣọ ti inú àti ti òde lé ara wọn kí ìlà iwájú lè bọ́ sí àyè rẹ̀, màá tẹ́ aṣọ tútù náà lé e, màá sì gbé áyọ́ọ̀nù lé orí rẹ̀. Màá kà láti 1 dé 8, màá gbé e sókè pátápátá, màá sì gbé e ka ibi tó tẹ̀ lé e. N kò ní fà á rárá, nítorí wúlù tó tutù ń nà, fífà náà ló sì ń mú orúnkún ṣòkòtò wú. Bí mo bá ti ṣí aṣọ tútù náà kúrò, èéfín yóò máa ru jáde lára wúlù náà. Màá fi pákó tí a fá dán tẹ ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí èéfín náà yóò fi tán. Pákó náà ń fa omi àti ooru kúrò, ìlà náà sì ń mú ṣáṣá ju kí a fi irin tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì lọ. N kò ní gbé ṣòkòtò náà kúrò lórí tábìlì kí ó tó tutù. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti máa ń kù díẹ̀ káàtó nìyí, nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí áyọ́ọ̀nù kúrò.

Ní ti dídán tó ti wà níbẹ̀, bí ẹ̀rí iná bá fi hàn pé wúlù gidi ni, ìrètí wà. Bu fínígà funfun ṣíbí ìjẹun 2 sínú ife omi 1, rẹ aṣọ òwú rẹ nínú rẹ̀, fún un, kí o tẹ́ ẹ lé ibi tó ń dán, kí o sì gbé áyọ́ọ̀nù tí ooru rẹ̀ wà ní àmì méjì sún mọ́ ọn títí yóò fi fara kàn án díẹ̀, láìgbé ìwúwo rẹ̀ lé e. Jẹ́ kí èéfín wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ṣí aṣọ náà kíá, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun gbá ibẹ̀ lódì sí bí irun aṣọ náà ṣe sùn, kí àwọn fọ́nrán náà dìde nígbà tí wọ́n ṣì rọ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o jẹ́ kí ó gbẹ láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan. Dán an wò ní inú ìṣẹ́tí kí o tó ṣe é ní gbangba, bóyá àwọ̀ aṣọ náà kò fẹ́ fínígà. Mo ti rí ṣòkòtò tó padà bọ̀ sípò tí ẹni tó ni ín kò fi mọ ibi tó ti ń dán, mo sì ti rí èyí tó kàn dín kù ní ìdajì. Bí fọ́nrán náà bá ti jẹ dànù nítorí wíwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí o sì ń rí ìhunṣọ rẹ̀ ketekete, kò sí irun kankan níbẹ̀ mọ́ tí èéfín lè gbé dìde.

Bí ó bá jẹ́ kókó líle ni ẹ̀rí iná fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, n kò sì ní tàn ọ́. Láti orí nǹkan bí dígírì 70 sí 80 ni pọlisítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di nǹkan bí 260 kí ó tó yọ́ pátápátá. Láàárín méjèèjì yẹn, ìrísí tí a bá fi irin tẹ̀ mọ́ ọn ni yóò gbà, bí ó bá sì tutù, ó di tirẹ̀. Orí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó rí roboto ń di pẹrẹsẹ, kì í sì í ṣe pé ó dùbúlẹ̀ bíi ti wúlù, ara rẹ̀ gan-an ló ti yí padà. Fínígà kò lè tún un ṣe, búrọ́ọ̀ṣì kò lè tún un ṣe. Nínú àdàlú, o lè gbé apá tí í ṣe wúlù dìde kí dídán náà sì dín kù, ṣùgbọ́n kò ní tán. Ìwà pọlisítà yìí kan náà ló fà á tí aṣọ tí a fi omi gbígbóná fọ̀ tí a sì fún lọ́wọ́ nígbà tó ṣì gbóná fi ń rún lọ́nà tí a kì í lè mú kúrò mọ́ ní ìrọ̀rùn. Fún un ní àmì kan sí méjì, lọ̀ ọ́ láti inú tàbí kí o tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù díẹ̀ lé e, má sì ṣe ká a tàbí wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Ti náílọ́ọ̀nù àti akirílíìkì kò gùn: àmì kan, láìsí èéfín. Súwẹ́tà akirílíìkì tí èéfín bá kọ lù ń nà gbọọrọ, kì í sì í padà.

Sẹ́dà fẹ́ omi bíi ti wúlù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ̀kán omi, ìyàtọ̀ yìí ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n lọ́nà líle. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n gbé agbádá sányán kan tí ó jẹ́ ti àtijọ́ wá láti Ìsẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn pa láró kí ó jọ ọ́. Ó rún ní èjìká. Mo fi ọwọ́ wọ́n omi sí i bí a ti ń ṣe sí aṣọ òwú, mo sì gbé irin lé e. Gbogbo ibi tí ẹ̀kán omi bà sí ló yọ òrùka, nítorí pé omi tó bọ́ sí ojú kan ń ti ohun tó wà nínú aṣọ, ì báà jẹ́ iyọ̀ ara, ìdọ̀tí tàbí àwọ̀, lọ sí etí ibi tó tutù, ooru sì dì í mọ́ ibẹ̀. Ọ̀gá mi tún gbogbo agbádá náà rì sínú omi tútù ni, kí gbogbo rẹ̀ lè tutù dọ́gba, àwọn òrùka náà sì parẹ́ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èjìká òsì kò mọ́ tán. Láti ìgbà náà, bí mo bá fọ sẹ́dà, n kì í jẹ́ kí ó gbẹ tán. Mo ń ká a sínú táwẹ̀lì fún bí ìṣẹ́jú 20, mo ń yí inú rẹ̀ síta, mo sì ń lọ̀ ọ́ nígbà tó tutù dọ́gba, pẹ̀lú ooru tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àmì méjì, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ tán kí n tó dé ibẹ̀, n kò ní wọ́n omi sí i. Aṣọ tútù ni màá fi wé e mọ́ra. Sẹ́dà funfun tí irin bá gbóná jù fún ń pọ́n bí ẹyin àgbàdo, pípọ́n náà kì í sì í lọ. Bí aṣọ òkè rẹ bá sì ní okùn tó ń kọ mànàmànà nínú, rántí pé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú irú okùn bẹ́ẹ̀. Ooru tó kéré jù lọ nínú aṣọ náà ni o gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ìyẹn àmì kan, láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ láàárín.

Nínú aṣọ mẹ́rin tí o béèrè, ọ̀gbọ̀ nìkan ló lè gba 200 láìbẹ̀rù, síbẹ̀ ooru yẹn láìsí omi kò wúlò fún un. Ara igi ọ̀gbìn ló ti wá, fọ́nrán rẹ̀ le, kì í nà, bí ó bá sì ti tẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń dúró sí títí omi yóò fi tú u. Ní àkókò ọyẹ́ níhìn-ín, ọ̀gbọ̀ tí a sá ní òwúrọ̀ ti lè gan bí pákó kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹni tó bá sì gbé irin lé e bẹ́ẹ̀ yóò kàn máa ṣe làálàá lásán. Ká a kúrò lórí okùn nígbà tó ṣì tutù, tàbí kí o wọ́n omi sí i dáadáa, kí o ká a sínú ọ̀rá fún bíi wákàtí kan kí omi náà dọ́gba, kí o tó lọ̀ ọ́. Kọ́kọ́ lọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà òde. Bí ó bá jẹ́ aṣọ aláwọ̀ dúdú, má ṣe fi irin kan òde rẹ̀ rárá, nítorí òun náà ń dán. Níhìn-ín, o lè fa irin bí o ti fẹ́. Ohun tí n kì í ṣe ni kí n máa tẹ ìlà sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, pàápàá ní kọ́là àti ní ibi tí a ń ká apá sí, nítorí pé fọ́nrán ọ̀gbọ̀ tí a ń ṣẹ́ sí ojú kan á já níbẹ̀ nígbà tó bá yá. Kò sì sí ọ̀nà kankan tí a fi lè lọ ọ̀gbọ̀ tí kò ní í rún lẹ́yìn tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó fún wákàtí kan. Bí o bá rí “ọ̀gbọ̀” tí kì í rún rárá ní ọjà, fa fọ́nrán rẹ̀ yọ kí o ṣáná sí i kí o tó fún un ní àmì mẹ́ta.

Kóòtù bàbá rẹ kù. Aṣọ inú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ wúlù. Pọlisítà tàbí ráyọ́ọ̀nù ló máa ń jẹ́, nítorí náà òun ni kí o kọ́kọ́ lọ̀ nígbà tí áyọ́ọ̀nù kò tíì gbóná púpọ̀, kí o tó fi kún ooru fún òde. Irin ń tètè gbóná, ṣùgbọ́n kì í tètè tutù, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gbọ̀ wá sí orí pọlisítà yóò fi ọ̀rá yíyọ́ ba ojú irin rẹ̀ jẹ́. Má ṣe tẹ àyà kóòtù náà pẹrẹsẹ lórí tábìlì, nítorí wọ́n ti fi ooru àti omi mọ ọ́n ní kọ́ńdú kí ó lè gba àyà ènìyàn. Ká táwẹ̀lì sí abẹ́ rẹ̀ kí o tó tẹ́ aṣọ tútù lé e. Àti pé kò pọn dandan kí irin kan án ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbá a ní búrọ́ọ̀ṣì, fi háńgà tó nípọn ní èjìká gbé e kọ́, kí o sì jẹ́ kí ó wà nínú balùwẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tó rún ni yóò ti na ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlà ṣòkòtò nìkan ni yóò sì kù fún ọ láti tẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.